Èló Ni Lóṣù? Bí A Ṣe Ń Fi Owó Iṣẹ́ Àgbàṣe Wé Owó Oṣù

Alága ìjókòó yìí, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ìmọ̀ tí ẹ kún inú gbọ̀ngàn yìí fọ́fọ́, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfaradà ooru. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Abẹ́òkúta láti ìdájí kí wọ́n lè bá wa pé níbí. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí “owó àti ọ̀dọ́”. Mo dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ jù, kò ní jẹ́ ká rí nǹkan kan dì mú. Ìṣirò kan ṣoṣo ni mo gbé wá, òun náà ni mo sì máa ṣe títí ma fi sọ̀kalẹ̀.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ níṣẹ́ rí pè mí láago láti Bódìjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó máa ń gba ìròyìn jọ láti abúlé sí abúlé fún àwọn àjọ aláàánú, á sì tú u palẹ̀ fún wọn nínú ìwé. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ kú ilé sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.” Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ìwé iṣẹ́ méjì ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Èkíní jẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù, 500,000 náírà lóṣooṣù. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ àgbàṣe oṣù mẹ́sàn-án tí yóò bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kìíní, 7,200,000 náírà ni gbogbo owó rẹ̀. Ó ti pín in fúnra rẹ̀. “Ọ̀gá mi, 800,000 ló bọ́ sí lóṣù. Ó ju 500,000 lọ, àbí kò jù ú?”

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ta ni ì bá pín in bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́? Ẹ nawọ́ sókè, ẹ má tijú. (Ọ̀pọ̀ nawọ́.) Ó dára. Èmi náà nawọ́, nítorí mo pín in bẹ́ẹ̀ rí, mo sì jìyà rẹ̀. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó kó ìwé méjèèjì wá sílé mi ní ọjọ́ Sátidé, kó sì mú bírò dání.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín

Èyí kò ní pẹ́. Iṣẹ́ onígbèdéke pín sí oríṣi méjì, àwọn ènìyàn sì máa ń pè é ní orúkọ kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ ni yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ọjọ́ ìparí sínú ìwé yín: wọ́n ń yọ owó orí yín lóṣooṣù, wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì yín, ẹ sì ní ìsinmi. Nínú èkejì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ dà bí ilé iṣẹ́ kékeré kan: ẹ̀yin lẹ máa kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó san án, ohunkóhun tí iṣẹ́ náà bá sì gbà, àpò yín ni yóò ti jáde. Ìwé ọmọbìnrin yìí jẹ́ oríṣi kejì. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí mo fi bírò fa ìlà sí lábẹ́: owó náà “kó gbogbo ìnáwó pọ̀.” Ẹ rántí gbólóhùn yẹn, a máa padà síbẹ̀.

Ohun kejì tí mo wò nínú ìwé náà ni bóyá wọ́n gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ mẹ́wàá péré lóṣù ni wọ́n fẹ́, ọjọ́ yòókù ṣì jẹ́ tirẹ̀ láti tà fún ẹlòmíràn, ìṣirò náà yóò sì yàtọ̀ pátápátá, torí pé ìdajì ara rẹ̀ ni wọ́n rà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ kedere pé kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Odindi ènìyàn ni wọ́n fẹ́ rà, nítorí náà odindi iṣẹ́ olówó oṣù ló yẹ ká fi wé e.

Oṣù mélòó ni a ó fi pín in?

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ìbéèrè yìí: oṣù mélòó?

Bàbá tó bí mi gbin kòkó. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko kòkó, ẹ mọ̀ pé nínú oṣù díẹ̀ tó kángun sí òpin ọdún ni ọ̀pọ̀ nínú kòkó máa ń bọ́ sọ́jà. Bí bàbá mi bá tà á, tó gba owó rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ṣé yóò wá fi oṣù mẹ́ta pín owó náà, kó ní iye tí òun ń gbà lóṣù nìyẹn? Ó tì o! Ó mọ̀ pé owó ọ̀hún ni yóò jẹ iṣu àti epo títí kòkó mìíràn yóò fi gbó, òun ni yóò san owó ilé ìwé wa, òun ni yóò sì sanwó fún àwọn tó ń bá a ro oko. Ọdún kan ni ó fi ń pín in. Bàbá mi kò lọ sí ilé ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó mọ oṣù mélòó.

Èmi tí mo lọ sí ilé ìwé, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé nídìí iṣẹ́, mo gba àgbàṣe oṣù mẹ́fà kan. Mo fi mẹ́fà pín owó náà, inú mi dùn, mo sì lọ gba ilé oníyàrá mẹ́ta tó bá iye yẹn mu. Iṣẹ́ parí. Oṣù márùn-ún kọjá kí n tó rí òmíràn. Alùpùpù tí mo fi ń rìn ni mo tà kí n tó lè san owó ilé ọdún kejì. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi kì í ṣe àgbà nígbà náà, síbẹ̀ mo ru igbá mi délé.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ oṣù tó yẹ ká fi pín in? A kì í méfò rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn. Mo ní kí ọmọbìnrin yìí fa ìlà mẹ́rìndínlógójì sórí bébà, ìlà kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan nínú ọdún mẹ́ta tó kọjá, kó sì fi àmì sí gbogbo oṣù tó ṣiṣẹ́ tí wọ́n san owó fún. Ó kọ́kọ́ fi àmì sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ní kó ṣí fóònù rẹ̀, kó wo ìròyìn tí báńkì fi ránṣẹ́ sí i. Bó ti ń wò ó ló ń pa àmì rẹ́: oṣù tó fi ń dúró kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, oṣù tó fi ń tún ìròyìn kan kọ láìgba kọ́bọ̀, oṣù tó kàn ń wá iṣẹ́. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kù. Ọkàn wa kì í rántí oṣù tí kò sí owó. Báńkì kì í gbàgbé.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú mẹ́rìndínlógójì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, fún oṣù mẹ́sàn-án tó bá fi ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́ta ni yóò fi jókòó. Nítorí náà, àgbàṣe oṣù mẹ́sàn-án yìí ni yóò bọ́ ọ fún oṣù méjìlá. 7,200,000 tí a pín sí ọ̀nà méjìlá jẹ́ 600,000. Ẹ rí i pé 200,000 ti jábọ́ nínú 800,000 kí a tó ná kọ́bọ̀.

Ẹnì kan lè ní, “Ṣùgbọ́n olówó oṣù máa ń gba ìsinmi, kí ló dé tí ẹ kò ka owó ìsinmi sí i?” Ìbéèrè gidi ni. Olówó oṣù ń gba owó oṣù méjìlá, ìsinmi rẹ̀ sì wà nínú oṣù méjìlá ọ̀hún. Nígbà tí a ti fi oṣù méjìlá pín owó alágbàṣe, ìsinmi tirẹ̀ ti wà nínú oṣù mẹ́ta tó jókòó. Bí a bá tún fi owó ìsinmi kún ti olówó oṣù, a ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń kà á lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì ń fi ìbínú kọ iṣẹ́ tí kò burú.

Ohun tó ń jáde láti inú àpò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbólóhùn tí mo fa ìlà sí lábẹ́. “Ó kó gbogbo ìnáwó pọ̀.” Ní iṣẹ́ olówó oṣù yẹn, ilé iṣẹ́ ló máa fún un ní kọ̀ǹpútà, ilé iṣẹ́ ló ní iná, ilé iṣẹ́ ló ní ọkọ̀ tó ń lọ sí abúlé. Níbi àgbàṣe, òun ni.

Ìrìn àjò mẹ́fà ló wà nínú iṣẹ́ náà, sí Ṣakí, sí Ìsẹ́yìn àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ọkọ̀, ibùsùn àti oúnjẹ, ó ṣírò rẹ̀ sí 120,000 fún ìrìn àjò kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 720,000. Dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ 40,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́sàn-án ó di 360,000. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ló gbàgbé. Ó ní, “Èyí kò kàn án sà, mo ti ní kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀.” Mo bi í pé èló ló rà á. Ó ní 900,000. Mo bi í pé ọdún mélòó ló máa lò kó tó bàjẹ́. Ó ní ọdún mẹ́ta, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ̀ẹ́n, nígbà náà 300,000 ló ń jẹ nínú rẹ̀ lọ́dún kan, bí ẹni ń jẹ iṣu nínú àká. Pé owó náà ti jáde tẹ́lẹ̀ kò sọ pé kò jáde. A kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 1,380,000.

A yọ ọ́ kúrò nínú 7,200,000. Ó ku 5,820,000. A pín in sí oṣù méjìlá. 485,000.

Nígbà tí iye yẹn hàn lójú fóònù, ó dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Iye kan náà ló tún jáde.

Ohun tó farapamọ́ sínú owó oṣù

A kò tíì parí, torí pé 500,000 tí wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ olówó oṣù kì í ṣe gbogbo ohun tí iṣẹ́ ọ̀hún ń san. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, agbanisíṣẹ́ gbọdọ̀ fi ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 sínú àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ yóò sì fi ìdá 8 sí i. Orí owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ sí, kì í ṣe orí gbogbo owó oṣù. Nínú ìwé ọmọbìnrin yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 400,000 nínú 500,000, nítorí náà ti agbanisíṣẹ́ jẹ́ 40,000 lóṣù. Ẹ má ṣe àṣìṣe tí mo rí lọ́dọ̀ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: ìdá 8 tirẹ̀ kì í ṣe àfikún o, inú 500,000 náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìdá 10 agbanisíṣẹ́ nìkan ló wá láti ìta.

Ìwé náà ṣèlérí owó oṣù kẹtàlá ní òpin ọdún. 500,000 tí a pín sí méjìlá jẹ́ 41,667. Wọ́n tún ń san owó adójútòfò ìlera fún un àti ọmọ rẹ̀. Ó pe ẹni tó ń tà á, wọ́n ní bó bá fẹ́ rà á fúnra rẹ̀, 240,000 ni lọ́dún, ìyẹn 20,000 lóṣù. Adójútòfò ẹ̀mí náà wà, èyí tí òfin kan náà sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Owó tí wọ́n ń san lé e lórí kò pọ̀, mi ò sì fi kún ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ fojú fò ó.

500,000, a fi 40,000 kún un, a fi 41,667 kún un, a fi 20,000 kún un. 601,667 ni. Ó kù díẹ̀ káàtó kí 485,000 tó dé ibẹ̀, àbí?

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo sí àgbàṣe. Mo fi oṣù mẹ́ta ìjókòó ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Bí kò bá jókòó ńkọ́? Bí iṣẹ́ mìíràn bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí èyí parí, a ó fi mẹ́sàn-án pín 5,820,000, yóò sì jẹ́ 646,667, ó ju ti olówó oṣù lọ. Níbo wá ni ààlà wà? Ẹ fi 601,667 pín 5,820,000. Oṣù 9.67 ló máa fún yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìjókòó rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ogún ọjọ́, olówó oṣù ti lé e bá. Mo fẹ́ràn iye yìí ju gbogbo iye yòókù lọ, torí pé ó yí ìbéèrè ńlá padà sí ìbéèrè kékeré tí ẹnikẹ́ni lè dáhùn: ṣé mo lè rí iṣẹ́ mìíràn láàárín ogún ọjọ́ tí èyí bá parí? Ọmọbìnrin náà wo bébà oníìlà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ owó orí, àti owó tó ń pẹ́

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró de owó orí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé olówó oṣù máa ń sọ iye tó wọ àkáǹtì rẹ̀, nígbà tí alágbàṣe máa ń sọ iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n á wá máa fi iyán tí wọ́n ti gún wé iṣu tó ṣì ní èèpo. Ẹ fi iye tí a kò tíì yọ owó orí nínú rẹ̀ wé irú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe bọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé owó orí lè yí ìdájọ́ padà? A yẹ̀ ẹ́ wò. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, 2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15, 9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ń san ìdá 18. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí 5,820,000 ti àgbàṣe, owó orí jẹ́ 837,600. Ní ti olówó oṣù, owó ọdún pẹ̀lú oṣù kẹtàlá jẹ́ 6,500,000. A yọ ìdá 8 ìfẹ̀yìntì rẹ̀, 384,000, kúrò. Owó orí lórí èyí tó kù jẹ́ 890,880. Ìyàtọ̀ wọn kò pé 5,000 náírà lóṣù. Owó ilé tí ó ń san lè dín méjèèjì kù, ṣùgbọ́n bákan náà ni yóò ṣe dín wọn kù.

Ibi tí owó orí ti máa ń bu alágbàṣe jẹ ni ọ̀nà tí ó ń gbà jáde. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un yóò yọ ìdá 5 sílẹ̀ kó tó sanwó. Nínú 7,200,000, ìyẹn jẹ́ 360,000. Owó yẹn kò ṣòfò, ara owó orí rẹ̀ ni wọ́n ti san sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ń jíṣẹ́ owó tó rí lọ́dún náà fún àwọn agbowó orí. Bí kò bá gba ìwé ẹ̀rí, ó ti di owó àánú. 477,600 yòókù, kò sí ẹni tí yóò bá a yọ ọ́; òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ya nǹkan bí 53,000 sọ́tọ̀ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi ṣiṣẹ́, kí ó má bàa jẹ́ pé ìgbà tí ọjọ́ bá pé ni yóò máa wá a kiri.

Owó tó ń pẹ́ ńkọ́? Ìwé náà sọ pé wọ́n máa pín ìdá 60 nínú 100 fún oṣù márùn-ún àkọ́kọ́, ìdá 40 tó kù yóò sì di ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìròyìn ìkẹyìn. Ìdá 40 yẹn jẹ́ 2,880,000, owó iṣẹ́ oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, 720,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ́gẹ́ bí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, ìfọwọ́sí máa ń gba oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Nítorí náà owó oṣù kẹfà yóò dúró fún oṣù mẹ́fà, ti oṣù keje fún márùn-ún, ti oṣù kẹjọ fún mẹ́rin, ti oṣù kẹsàn-án fún mẹ́ta. Kí ni yóò máa jẹ? Yóò yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀, tó ń gba èlé ìdá 2 lóṣù. Ẹ ro oṣù ìdúró wọ̀nyẹn pọ̀, méjìdínlógún ni. Ìdá 2 nínú 720,000 jẹ́ 14,400. Ní ìlọ́po méjìdínlógún ó di 259,200. Lóṣù, 21,600. 485,000 ti di 463,400.

Àwọn kan á ní, “Èmi kì í yáwó, mo máa ń fara dà á.” Ó dára, ṣùgbọ́n ọjà kò ní dúró dè yín. Ìrẹsì tí owó yẹn ì bá rà ní oṣù kẹfà, kò ní rà á mọ́ ní oṣù kejìlá. Èlé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kàn jẹ́ ọ̀nà láti fi nọ́ńbà sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó yín náà ni.

A yí ìṣirò náà padà

Ṣé kó wá kọ àgbàṣe náà sílẹ̀ ni? Rárá o. Ìṣirò tó sọ fún wa pé owó náà kéré ló tún máa sọ fún wa iye tí yóò tó. Bí a bá fẹ́ kí àgbàṣe bá 601,667 dọ́gba fún oṣù méjìlá, 7,220,000 ló gbọdọ̀ kù sí i lọ́wọ́. A fi ìnáwó 1,380,000 kún un. 8,600,000. Iye tó yẹ kó béèrè nìyẹn.

Ọ̀nà tó gbà béèrè rẹ̀ ló wù mí jù. Kò kọ ọ́ pé owó yín kéré. Ó kọ ìnáwó ìrìn àjò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ìlú tó wà nínú ìwé iṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn kọ, ó sì béèrè ohun méjì: 8,600,000, kí ìdá 40 tó gbẹ̀yìn sì di ìdá 10. Wọ́n dá a lóhùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn kò lè kọjá 7,900,000, ṣùgbọ́n àwọn yóò máa san owó ìrìn àjò fúnra àwọn, àwọn sì gba ti ìdá 10.

Ó pè mí, ojú ẹsẹ̀ la tún bẹ̀rẹ̀. Ìnáwó ìrìn àjò ti kúrò. Dátà, epo àti kọ̀ǹpútà ló kù, 660,000. 7,900,000 yọ 660,000 jẹ́ 7,240,000. Sí oṣù méjìlá, 603,333. Ìdá 10 tó máa pẹ́ jẹ́ 790,000. Bó bá dúró fún oṣù mẹ́ta, èlé rẹ̀ jẹ́ 47,400, nǹkan bí 4,000 lóṣù. 599,383 ni àgbàṣe, 601,667 ni olówó oṣù. Ìyàtọ̀ 2,284 náírà. Owó ọkọ̀ ọjọ́ díẹ̀ láàárín ìgboro Ìbàdàn.

Ó ní, “Ọ̀gá mi, èwo ni kí n wá mú?” Mo ní ìṣirò ti ṣe tirẹ̀ dé ibi tó lè ṣe é dé, èyí tó bá wù ú ni kó mú. Ó mú àgbàṣe, torí pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ abúlé ju ìjókòó inú ọ́fíìsì lọ.

Oṣù kẹrin rèé tó ti bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù kẹta pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Kò pè mí láti sọkún. Àwòrán bébà kan ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ìlà mẹ́rìndínlógójì tuntun, àmì ti wà lórí mẹ́ta nínú wọn, ó sì fi bírò pupa kọ “ọjọ́ 9” sí ẹ̀gbẹ́ ìkẹta.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ arábìnrin kan lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé makirofóònù fún un.